Ìbéèrè 3: Àdírẹ́ẹ̀sì nínú Rìílì Móòdù, pẹ̀lú Ìdáhùn

Ìbéèrè 3 (máàkì 20)

Prósẹ́sọ̀ Intel 8086 kan ń ṣiṣẹ́ nínú rìílì móòdù. Ohun tó wà nínú àwọn rẹ́jísítà rẹ̀ nìyí. Ìpìlẹ̀ 16 ni gbogbo nọ́ńbà tó ní h ní ìdí wà.

```
CS = 2A3Fh   IP = 01C4h
DS = 1F80h   BX = 0A2Eh   SI = 0010h
SS = 3C00h   SP = 0100h   BP = 00FAh
ES = FFF8h   DI = 0095h   DF = 0
```

Báìtì 7Bh ló wà ní àdírẹ́ẹ̀sì gidi 20242h, 91h ló sì wà ní 20243h. Prósẹ́sọ̀ náà wá ṣe àwọn àṣẹ yìí ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé:

```
MOV AX, [BX+SI+4]
MOV CX, [BP-6]
MOV DL, [BX+0F600h]
PUSH AX
STOSB
```

(a) Àdírẹ́ẹ̀sì gidi wo ni prósẹ́sọ̀ ti mú àṣẹ àkọ́kọ́? (máàkì 2)

(b) Wá ọ́fúsẹ́ẹ̀tì àti àdírẹ́ẹ̀sì gidi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan àṣẹ MOV mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kà. Kí ló wà nínú AX lẹ́yìn ti àkọ́kọ́? (máàkì 6)

(d) Kí ni SP dà lẹ́yìn PUSH AX? Báìtì wo ló wọ àdírẹ́ẹ̀sì gidi wo? (máàkì 4)

(e) Bí DS bá jẹ́ 2000h, ọ́fúsẹ́ẹ̀tì wo la máa fi dé 20242h? Sẹ́gímẹ́ǹtì mélòó lápapọ̀ ló lè dé àdírẹ́ẹ̀sì yìí? Fi ìṣirò hàn. (máàkì 4)

(ẹ) Àdírẹ́ẹ̀sì gidi wo ni STOSB kọ báìtì rẹ̀ sí? Níbo ni báìtì náà ì bá lọ ká ní 80286 ni, tí wáyà A20 rẹ̀ sì ṣí? (máàkì 4)

Ìdáhùn

Ìlànà kan ṣoṣo ni gbogbo ìbéèrè yìí dúró lé:

```
àdírẹ́ẹ̀sì gidi = sẹ́gímẹ́ǹtì × 10h + ọ́fúsẹ́ẹ̀tì
```

10h yẹn kì í ṣe mẹ́wàá o, mẹ́rìndínlógún ni. Ọdọọdún ni mo ń rí ìwé ìdánwò tí wọ́n ti fi 10 sọ sẹ́gímẹ́ǹtì di púpọ̀, tí gbogbo ìdáhùn tó kù sì bá a ṣubú. Ní ìpìlẹ̀ 16, kò sí ìsọdipúpọ̀ kankan láti ṣe: a kàn máa fi òdo kan kún ẹ̀yìn sẹ́gímẹ́ǹtì ni. Rẹ́jísítà 8086 kò gba ju bíìtì 16 lọ, bíìtì 16 kò sì lè ka ju báìtì 65,536 lọ, bẹ́ẹ̀ wáyà àdírẹ́ẹ̀sì 20 ni wọ́n fún un nígbà tó jáde ní 1978, ìyẹn ààyè fún báìtì 1,048,576. Òdo tí a fi kún ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n fi dí àlàfo bíìtì mẹ́rin tó wà láàárín wọn. (Orúkọ náà, rìílì móòdù, kò tíì sí nígbà náà. Ìgbà tí 80286 mú móòdù mìíràn wá ní 1982 ni wọ́n tó nílò orúkọ fún èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀.)

(a) IP kò ní ẹlòmíràn tó ń bá rìn ju CS lọ.

```
  2A3F0h
+  01C4h
= 2A5B4h
```

Láti apá ọ̀tún: 0 àti 4 jẹ́ 4. Fh àti Ch jẹ́ 1Bh, a kọ B, a gbé 1. 3 àti 1 àti 1 tí a gbé jẹ́ 5. Ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní ìpìlẹ̀ 10 yóò rí i pé 10,815 × 16 + 452 jẹ́ 173,492, iye kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba ọ̀nà yẹn lọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ó ń jẹ àkókò.

(b) Ibí ni mo ti fẹ́ mọ ẹni tó yé, kì í ṣe ẹni tó há ìlànà sórí.

Àṣẹ àkọ́kọ́. Ọ́fúsẹ́ẹ̀tì ni 0A2Eh + 0010h + 4 = 0A42h. BX ló ṣíwájú, nítorí náà DS ni sẹ́gímẹ́ǹtì:

```
  1F800h
+  0A42h
= 20242h
```

8 àti Ah jẹ́ 12h, a gbé 1 bá F, F di 10h, a tún gbé 1 bá 1. Bí 1F ṣe di 20 nìyẹn. Kò sí ohun tó burú nínú ìgbésíwájú yìí, torí àròpọ̀ sẹ́gímẹ́ǹtì àti ọ́fúsẹ́ẹ̀tì ní bíìtì 20 láti fẹsẹ̀ nà. Ẹ rántí gbólóhùn yìí, a máa padà sí i.

AX gba báìtì méjì. Èyí tó wà ní àdírẹ́ẹ̀sì kékeré ló máa ń wọ apá ìsàlẹ̀ rẹ́jísítà: 7Bh wọ AL, 91h wọ AH. AX = 917Bh. Ẹni tó kọ 7B91h ti pàdánù máàkì 1.

Àṣẹ kejì. Ọ́fúsẹ́ẹ̀tì ni 00FAh − 6 = 00F4h. Ṣùgbọ́n BP ni ó wà nínú àkámọ́ yìí, kì í ṣe BX, BP sì jẹ́ ará ilé sítáàkì. Bí àṣẹ kò bá dárúkọ sẹ́gímẹ́ǹtì mìíràn, SS ni BP ń lò:

```
  3C000h
+  00F4h
= 3C0F4h
```

Bí ẹ bá lo DS, 1F8F4h lẹ máa rí. Nọ́ńbà tó mọ́ ni, ìṣirò rẹ̀ ò sì lábùkù, àmọ́ ilé onílé lẹ wọ̀.

Àṣẹ kẹta ló gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣubú. Ẹ ro BX àti F600h pọ̀:

```
  0A2Eh
+ F600h
= 1002Eh
```

Nọ́ńbà márùn-ún jáde níbi tí ààyè mẹ́rin péré wà. Ọ́fúsẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ ju bíìtì 16 lọ, kódà nígbà tí a ro nǹkan méjì pọ̀ kí a tó rí i. 1 tó wà níwájú yẹn dànù. Kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ bá sẹ́gímẹ́ǹtì. Ọ́fúsẹ́ẹ̀tì di 002Eh:

```
  1F800h
+  002Eh
= 1F82Eh
```

Ẹni tó gbé 1 yẹn kọjá yóò kọ 2F82Eh, ìyẹn báìtì 65,536 síwájú ibi tí prósẹ́sọ̀ kà gan-an. Ìdí ni pé ìgbésẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìṣirò yìí. Èkíní ń wá ọ́fúsẹ́ẹ̀tì ní bíìtì 16, èkejì ló ń ro ó mọ́ sẹ́gímẹ́ǹtì ní bíìtì 20. Nínú 8086, ohun èlò àròpọ̀ tó ń ṣe ìgbésẹ̀ kejì yìí dá wà ní tirẹ̀, ní apá tó ń bá mẹ́mórì sọ̀rọ̀. Ohun tó bá ti bọ́ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kìíní kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Máàkì 1 fún àdírẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, 1 fún AX, 2 fún èkejì, 2 fún ẹ̀kẹta. Ẹni tó kọ 2F82Eh ṣùgbọ́n tó fi 1002Eh hàn gba 1.

(d) PUSH kọ́kọ́ ń yọ 2 kúrò nínú SP kó tó kọ ohunkóhun. SP = 0100h − 2 = 00FEh. Àdírẹ́ẹ̀sì ni 3C000h + 00FEh = 3C0FEh. 7Bh wọ 3C0FEh, 91h wọ 3C0FFh. Àwọn kan kọ́kọ́ kọ báìtì sí 3C100h kí wọ́n tó yọ 2; wọn ò ní máàkì àdírẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní ti SP.

(e) 20242h − 20000h = 0242h. Máàkì 1 ni, ó rọrùn.

Ti iye sẹ́gímẹ́ǹtì gba ìrònú. Báìtì 16 ló wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́gímẹ́ǹtì kan àti ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gùn ní 65,536. Wọ́n gorí ara wọn bí ìpẹ́ ẹja ni. Ibi kan ṣoṣo nínú mẹ́mórì lè ní orúkọ tó pọ̀ bí eṣú.

Èyí tó ga jù tó ṣì lè dé ibẹ̀ ni 2024h, pẹ̀lú ọ́fúsẹ́ẹ̀tì 0002h. 2025h bẹ̀rẹ̀ ní 20250h, ó ti kọjá a. Ní ìsàlẹ̀, ẹ dán 1024h wò: 20242h − 10240h = 10002h, ọwọ́ kò tó o. 1025h ńkọ́? 20242h − 10250h = FFF2h, ó dé. Nítorí náà:

```
2024h - 1025h + 1 = 1000h = 4096
```

Sẹ́gímẹ́ǹtì 4096. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lákíyèsí lè béèrè nípa àwọn sẹ́gímẹ́ǹtì òkè pátápátá, tí wọ́n ń yí padà sí òdo. Wọn ò dé ibẹ̀: FFFFh:FFFFh jẹ́ 10FFEFh, tó bá sì yí padà, 0FFEFh ló mọ. Ẹni tó bá kọ ìdí yìí láìjẹ́ pé mo béèrè máa rí àmì ayọ̀ létí ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní máàkì tó lé 4.

(ẹ) ES ni STOSB ń lò pẹ̀lú DI, kò sì sí bí a ṣe lè yí i sí sẹ́gímẹ́ǹtì mìíràn.

```
  FFF80h
+  0095h
= 100015h
```

Nọ́ńbà mẹ́fà rèé. Bíìtì 20 tí a ní kí ẹ rántí ti kún tán. 8086 kò ní wáyà tó máa gbé 1 iwájú yẹn jáde, nítorí náà ó dànù, 7Bh tó wà nínú AL sì lọ sí 00015h (máàkì 2). Wáyà 24 ni 80286 ní. Bí A20 bá ṣí, 1 náà rí ọ̀nà jáde, báìtì lọ sí 100015h, lókè báìtì 1,048,576 ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ (máàkì 2). Bí wọ́n bá ti A20, ó tún máa ṣe bíi 8086, torí àwọn ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan gbára lé yíyí padà yìí.

00015h kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo o. Láti 00000h dé 003FFh ni tábìlì ìdálọ́wọ́kọ́ wà, báìtì mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ́fúsẹ́ẹ̀tì ṣíwájú, sẹ́gímẹ́ǹtì tẹ̀ lé e. 4 × 5 = 14h, nítorí náà apá òkè ọ́fúsẹ́ẹ̀tì ti ìdálọ́wọ́kọ́ 5 ni STOSB wa bà jẹ́. Ká ní F000h:FF54h ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti di F000h:7B54h. Prósẹ́sọ̀ kò ní sọ nǹkan kan. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá pe INT 5, dípò FFF54h, F7B54h ló máa fò lọ.