Ìwé Ìtọrọ Àyè Láti Lọ Sìnkú Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 8, oṣù kẹfà, ọdún 2026

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ mí. Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin dágbére fáyé. Àìsàn náà ò tiẹ̀ pẹ́ lára wọn rárá. Ẹbí ti fi ìsìnkú sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12. Mo ń tọrọ àyè lọ́wọ́ yín láti Ọjọ́rú, ọjọ́ 10, títí di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀, torí ọlidé ìjọba ni ọjọ́ Ẹtì náà. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16, màá wọṣẹ́. Odidi ọjọ́ kan ni ìrìn àjò náà ń gbà ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ní àbọ̀.

Mo mọ̀ pé òbí, ọkọ tàbí aya, àti ọmọ nìkan ni ìlànà ilé iṣẹ́ wa dárúkọ fún àyè ìsìnkú. Ṣùgbọ́n mà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí ni ìyá tí mo mọ̀. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún tí ìyá tó bí mi fi kú, àwọn ló sì gbà mí tọ́. Iṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n fi rán mi níléèwé. Tí mo bá ta jí lóru, ìró máṣíìnì wọn ni mo máa ń gbọ́. Wọ́n á ti tẹrí ba sórí aṣọ oníaṣọ, wọ́n á fi ètè di abẹ́rẹ́ mú. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ṣì kéré, èmi ni wọ́n ń wojú báyìí. Kò ṣeé ṣe kí wọ́n gbé wọn sin lẹ́yìn mi.

Ní ti iṣẹ́, màá parí àkọsílẹ̀ àfikún wákàtí àwọn òṣìṣẹ́ kí n tó lọ sílé lọ́la, kí owó oṣù má baà pẹ́. Káyọ̀dé ti gbà láti máa bá mi gba rìsíìtì àwọn tó ń kó ọjà wá. Mo ti fi ibi tí gbogbo fáìlì wà hàn án. Ọwọ́ yín ni màá fi kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sí. Fóònù mi á wà ní títàn, àyàfi ọjọ́ Ẹtì, tó jẹ́ pé ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó lè gbé e.

Tí àyè ìsìnkú ò bá gba ọ̀rọ̀ tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ nínú ìsinmi ọdún mi. Tí ìyẹn náà ò bá ṣeé ṣe, ẹ yọ owó ọjọ́ mẹ́ta náà nínú owó oṣù mi, mo fara mọ́ ọn. Màá mú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú dání tí mo bá ń bọ̀.

Ẹ bá mi fèsì kí a tó ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́la, mà, torí ìdájí Ọjọ́rú ni mo fẹ́ gbéra. Ẹ ṣeun mà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Mojísọ́lá
Ẹ̀ka ìṣírò owó