Àgírímẹ́ǹtì Lísì Ilẹ̀ Tẹ́ Ẹ Fẹ́ Kọ́lé Sí, àti Bá A Ṣe Máa Ṣe Ilé Náà Tọ́dún Bá Pé

Èmi tí mo nilẹ̀ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́lé sórí ẹ̀, ohun tá a jọ fẹnu kò sí rèé. Ilẹ̀ náà gùn ní mítà 30, ó fẹ̀ ní mítà 18, sọ́fè ẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Mo yá a fún yín fún ọdún 25, láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2027 dé ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2051. Mi ò ta ilẹ̀ o, lílò ni mo fún yín.

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lẹ máa fowó ara yín kọ́, ẹ̀yin lẹ máa gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ọdọọdún lẹ máa san rẹ́ǹtì, ó máa fi 10% lékún ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Títí lísì fi máa parí ẹ̀yin lẹ nilé, ẹ lè fi gba ayálégbé, àmọ́ tí tiyín bá ti parí, tiẹ̀ náà ti parí nìyẹn.

Ibi tó ń dájà sílẹ̀ jù ló kàn. Bí ìwé ò bá sọ nǹkan kan, òfin ọ̀pọ̀ ibi ni pé ohun tá a bá kọ́ mọ́ ilẹ̀, onílẹ̀ ló ni ín, mi ò sì fẹ́ kí làálàá yín lọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà tí 2051 bá parí tá ò tún lísì ṣe, ìpìlẹ̀, ògiri, òrùlé, páìpù àti wáyà inú ògiri á di tèmi, ẹ ò gbọ́dọ̀ wó wọn, ṣùgbọ́n màá san ìdajì iye tílé náà tó lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ fi kọ́ ọ, kí n tó gba kọ́kọ́rọ́. Kálukú á mú ẹni tó mọ iye ilé wá, tí ẹnu wọn ò bá kò, àwọn méjèèjì á yan ìkẹta, tiẹ̀ labẹ gé.

Ẹ̀rọ, jẹnẹrétọ̀, sẹ́ẹ̀fù, kọ̀ntẹ́nà, tiyín ni gbogbo ẹ̀, ẹ kó wọn láàárín ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí lísì bá parí, kẹ́ ẹ sì dí ihò tẹ́ ẹ bá dá sílẹ̀. Ọjọ́ 60 yẹn kì í ṣe lísì tuntun, ẹ máa san rẹ́ǹtì ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ọdún kún un, kí lẹ́tà yín tó mi lọ́wọ́ kí 2050 tó parí.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ gba ilẹ̀ kọ́dún tó pé, màá fún yín lóṣù 12, màá san gbogbo iye ilé, kì í ṣe ìdajì. Tẹ́ ẹ bá jẹ rẹ́ǹtì, màá kọ̀wé, ẹ ní ọjọ́ 90 láti san án. Lẹ́yìn ìyẹn lísì ti parí, àmọ́ ìdajì yẹn ṣì wà fún yín, gbèsè nìkan ni màá yọ nínú ẹ̀.

Bí mo bá kú tàbí mo ta ilẹ̀, ọmọ mi tàbí ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìwé yìí, ìdí nìyẹn tá a fi máa forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Kálukú á mú wítínẹ́ẹ̀sì kan wá, ká tó sáìnì ẹ̀dà méjèèjì.