Iṣẹ́ Wà O: Kíláàbù Bọ́ọ̀lù Wa N'Íbàdàn Ń Wá Físíò

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o. Kíláàbù wa tó wà ní Àpáta, n'Íbàdàn, tó ń gbá líìgì kẹta nílẹ̀ Nàìjíríà, ìyẹn NLO, ń wá físíò kan tó máa bá wa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹsàn-án 2026. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti jápa lọ sí UK, àdúrà wa wà lẹ́yìn ẹ̀. Físíò la sọ o, kì í ṣe ẹni tó kàn máa gbé kúlà àti rọ́ọ̀bù sáré wọ pápá.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀

Àwọn ọmọ 28 ló wà nínú tíìmù àgbà, àwọn 22 ló wà lábẹ́ ọdún 19, gbogbo wọn lẹ máa tọ́jú. Tréènìnì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, àmọ́ físíò gbọ́dọ̀ ti wà ní pápá láago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 15, torí àwọn kan máa nílò tépù lọ́rùn ẹsẹ̀, àwọn mí-ìn á sọ pé àwọn ò sùn dáadáa, ẹlòmí-ìn á máa tiro díẹ̀díẹ̀ tá á sì máa fi pamọ́ kí kóòṣì má bàa rí i, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ rí i. Ẹ̀yin náà lẹ máa kó wọn ṣe wọ́mọ́ọ̀pù FIFA 11+, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, torí ìwádìí ti fi hàn pé ó ń dín ìnjọ́rì kù béèyàn bá ń ṣe é déédéé. Ìṣan ẹ̀yìn itan ló ń dà wá láàmú jù, ìyẹn hámísíríǹgì, torí náà a fẹ́ kẹ́ ẹ máa jẹ́ kí wọ́n ṣe eré ìdárayá Nọ́dìkì, èyí téèyàn máa ń kúnlẹ̀ kí ẹnì kejì di kókósẹ̀ ẹ̀ mú kó wá máa rọra wó síwájú. Àwọn ọmọ ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá torí bó ṣe ń dùn wọ́n lọ́jọ́ kejì, ẹ sáà dúró tì wọ́n.

Ẹni tó bá fara pa, ẹ̀yin lẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀yin lẹ máa sọ bóyá ó nílò ẹsiréè tàbí MRI, ẹ máa tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ ó sì máa bá a ṣe ìtọ́jú títí tó fi máa padà sí pápá. Kó o sinmi ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ìtọ́jú. Fáìlì ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà, kóòṣì sì gbọ́dọ̀ ti gba ìwé àwọn tára wọn pé ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdè gbogbo. Àwọn òbí kan á fẹ́ gbé ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. A ò bú àwọn bàbá yẹn o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò eegun náà ná, kẹ́ ẹ sì fi pẹ̀lẹ́tù bá àwọn òbí sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ máàṣì, bẹ́ńṣì ni ibùjókòó yín, nílé lóko. Ẹni tó bá fi orí gba orí, tójú ẹ̀ wá ń ṣe bàìbàì, ó ti jáde nìyẹn, kò ní padà wọlé lọ́jọ́ yẹn bó ti wù kó máa bẹ̀bẹ̀ tó. Ẹni tó bá sì ṣubú láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ọkàn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Gbogbo wa la mọ bí Sam Okwaraji ṣe kú sórí pápá ní Sùúrùlérè lọ́jọ́ 12 Oṣù Kẹjọ 1989 nígbà tá à ń bá Àǹgólà gbá, Chineme Martins náà ṣubú ní Láfíà lọ́jọ́ 8 Oṣù Kẹta 2020, kò sì dìde mọ́. A ò fẹ́ sin ọmọ ọlọ́mọ. Kíláàbù ti ra AED, ẹ̀rọ tó ń fi iná ta ọkàn jí, ẹ̀yin lẹ máa yẹ bátìrì ẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì máa kọ́ kóòṣì àtàwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà. Tí áńbúláǹsì ò bá tíì dé pápá, ẹ láṣẹ láti sọ pé máàṣì ò ní bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn náà ńkọ́? Tírámádọ́ọ̀lù ti di èèwọ̀ lọ́jọ́ ìdíje láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní 2024, abẹ́rẹ́ kọ́tísóònù sì ti wà nínú òfin yẹn láti 2022. Àwọn ọmọ wa ń mu àgbo tí wọn ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ bá wa dá wọn lẹ́kun.

Ohun kan wà tá a ti kọ sínú kọ́ńtíráàtì, a sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n látìsinsìnyí: tẹ́ ẹ bá ti ní ọmọ kan ò lè gbá, kò ní gbá. Kóòṣì ò lè yí i padà, alága ò lè yí i padà, ì báà jẹ́ fáìnà la fẹ́ gbá lọ́la. Ẹnikẹ́ni tó bá halẹ̀ mọ́ yín nítorí ẹ̀, bọ́ọ̀dù kíláàbù lẹ máa kọ̀wé sí, wọ́n á dá yín lóhùn láàárín ọjọ́ méje.

Ẹni tá à ń wá

Ẹni tó gba dígírì físíòtẹ́rápì ní yunifásítì, ì báà jẹ́ UI, OAU, UNILAG tàbí òmí-ìn tí ìjọba fọwọ́ sí, tó ti ṣe íńtáǹṣíìpù ọdún kan, tí láísẹ́ǹsì MRTB ẹ̀ ò tíì kú, tó sì ti sìnrú ìlú tàbí tó ní ìwé pé wọ́n dá a sí. Sátífíkéètì másáàjì nìkan ò lè gba iṣẹ́ yìí. A fẹ́ ìrírí ọdún méjì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí NYSC, tẹ́ ẹ sì ti bá tíìmù iléèwé tàbí ti àdúgbò ṣiṣẹ́ gidi, ẹ kọ̀wé. Ẹ gbọ́ Yorùbá, Òyìnbó àti Píjìn; ẹni tó bá gbọ́ Haúsá á ràn wá lọ́wọ́, torí àwọn ọmọ wa kan wá láti òkè ọya. Ẹ̀yin obìnrin, iṣẹ́ yín ni pẹ̀lú, yàrá ìyípaṣọ tiyín wà lọ́tọ̀.

Owó àti àdéhùn

Owó oṣù jẹ́ ₦350,000 lẹ́yìn owó orí, ó ń wọlé ní ọjọ́ 28 oṣù. Bọ́nọ́ọ̀sì yín dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù. Kọ́ńtíráàtì jẹ́ sísìn méjì, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ìdánwò, owó ò sì ní dín kù nínú ẹ̀. Kíláàbù máa san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sí pẹ́ńṣọ̀n yín, ẹ̀yin á san mẹ́jọ. Ìnṣọ́ráǹsì ìlera wà fún yín, ẹnì kejì yín àti ọmọ méjì. Rúùmù àti pálọ̀ kan wà nítòsí pápá. Tá a bá rìnrìn àjò, yàrá tiyín lọ́tọ̀, a ò ní kó yín pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ. Lífù jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 21, púpọ̀ nínú ẹ̀ lẹ́yìn sísìn. Ẹ lè tọ́jú èèyàn níta ní ìrọ̀lẹ́, àmọ́ kì í ṣe nínú yàrá ìtọ́jú kíláàbù. Ẹni tó bá fẹ́ fi ara wọn sílẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀yin tàbí àwa, oṣù kan ni nótíìsì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ̀wé

Lẹ́tà, CV, ẹ̀dà sátífíkéètì àti láísẹ́ǹsì, àti orúkọ ẹni méjì tó lè jẹ́rìí iṣẹ́ yín, ẹ mú wọn wá sí ọ́fíìsì kíláàbù ní pápá wa ní Àpáta láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, kó tó di Fúráìdè 14 Oṣù Kẹjọ 2026. Ẹni tó bá jìnnà lè fi ránṣẹ́ sí inbọ́ọ̀sì wa. Íńtáfíù máa wáyé ní Túsìdè 18 àti Wẹ́sìdè 19, orí pápá la ti máa ṣe é, ẹ wọ bàtà tó ṣeé sá, a máa ní kẹ́ ẹ yẹ orúnkún wò, kẹ́ ẹ de tépù, kẹ́ ẹ sì fi ọmọlangidi hàn wá bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ àyà. A ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó fọ́ọ̀mù, àwa kọ́ la rán an.

Akọ̀wé kíláàbù