Ẹ̀bùn oníbàárà: póìǹtì 100 gba ọjà ₦2,000. Ìkójọ parí ní ọjọ́ 19 oṣù Ọ̀pẹ 2026, gbígbà parí ní ọjọ́ 30 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2027

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Bódìjà àti Mòkọ́lá, a kí yín o.

Gbogbo ₦1,000 tí ẹ bá fi rajà lọ́dọ̀ wa, póìǹtì kan ni. Tí póìǹtì yín bá pé 100, ẹ ó fi gba ọjà ₦2,000. A bẹ̀rẹ̀ sí í ka póìǹtì ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà 2026. A ó dáwọ́ dúró ní Sátidé, ọjọ́ 19 oṣù Ọ̀pẹ 2026, ní agogo méje alẹ́. Ẹ lè máa gba ẹ̀bùn yín títí di Sátidé, ọjọ́ 30 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2027. Póìǹtì tí ẹ kò bá lò kí ọjọ́ yẹn tó kọjá ti run, kò sì sí ẹni tí a ó tún un ṣe fún, ìbáà jẹ́ ẹbí wa.

Ọjà la fi ń san ẹ̀bùn, a kì í fún ni ní owó. Ohun tí kò bá pé ₦1,000 kò ní póìǹtì: ọjà ₦7,800 jẹ́ póìǹtì 7, a kì í sì í so rìsíìtì méjì pọ̀. Gáàsì ìdáná, káàdì ìpè àti owó tí ẹ bá gbà nídìí pí-ó-ẹ́sì kò sí nínú ètò yìí. Èrè tó wà lórí wọn kéré, kò lè gbé ẹ̀bùn.

Ẹ̀yin tí káàdì onísítáǹpù àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ mú un wá sí káńtà kí Sátidé, ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 2026 tó kọjá. Sítáǹpù kan yóò di póìǹtì 5. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn a ò ní gbà á mọ́, torí náà ẹ wo inú pọ́ọ̀sì yín lónìí.

Ìkéde yìí ló rọ́pò èyí tí a lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọpẹ́ àti ìkíni ló gba iwájú nínú ìyẹn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọjọ́ ìparí wà. Ìyá tó gbé ẹ̀wà kóńgò mẹ́ta lórí nínú oòrùn Bódìjà kò lè dúró kà á débẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an la ṣe ètò náà fún. Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti 2018, fún yín ní ẹ̀tọ́ sí àlàyé tó yé yín. A fẹ́ kí ẹ rí ẹ̀tọ́ náà gbà kí ẹ tó náwó.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń da owó pọ̀ ra àpò ìrẹsì ló pọ̀ jù nínú ìbéèrè yín. Tí ẹ̀yin mẹ́ta bá jọ ra àpò kan, ẹ sọ fún akọ̀wé káńtà kó tó tẹ rìsíìtì, yóò pín owó náà sí mẹ́ta, kálukú yóò sì gba póìǹtì lórí iye tó san. Tí rìsíìtì kan bá ti jáde, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló ni gbogbo póìǹtì. A ò ní dá sí i lẹ́yìn náà, nítorí a ò fẹ́ kí ẹ̀bùn ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Ọkọ, aya àti ọmọ lè jọ lo nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo.

Ẹni tó ra àwìn, ọjọ́ tó bá san owó tán la ó ka póìǹtì rẹ̀. Bí ó bá san gbèsè náà lẹ́yìn ọjọ́ 19 oṣù Ọ̀pẹ, póìǹtì kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá olóúnjẹ tí ẹ ń rà ní àpò-àpò, kò sí òdiwọ̀n iye tí ẹ lè kó jọ. Ọjà tí ẹ bá dá padà, a ó yọ póìǹtì rẹ̀ kúrò.

Ìforúkọsílẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù nìkan la ó béèrè. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì tó, iye póìǹtì yín yóò sì máa wà nísàlẹ̀ rìsíìtì kọ̀ọ̀kan. A kò ní fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà yín. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti 2023 de àwa náà. Tí ẹ bá fẹ́ kí a pa á rẹ́, ẹ sọ ọ́ ní káńtà, a ó pa á rẹ́ lójú yín, póìǹtì yín yóò sì bá a lọ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn yín.

Bí iye tó wà lórí rìsíìtì kò bá bá ohun tí ẹ kà mu, ẹ mú rìsíìtì náà wá láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá ilé ìtajà ni kí ẹ béèrè, ní Bódìjà tàbí ní Mòkọ́lá, láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ sí agogo méje alẹ́, Mọ́ńdè sí Sátidé.