Ẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ tún ìjábọ̀ láàbù pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù mi yẹ̀ wò

Gáà Akanbi, Ìlọrin.
Ọjọ́rú, ọjọ́ 12, oṣù Kejì, 2025.

Olùkọ́ wa ọ̀wọ́n,

Àsàlámù aléékúmù, sà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá àwa ọmọ yín. Èmi Sàkíù ni mo ń kọ̀wé yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, ẹgbẹ́ kẹta ní láàbù ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èmi náà ni ẹ bá wí nígbà tí mo fẹ̀yìn ti tábìlì tí pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù sì ń fì lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò fẹ̀yìn ti tábìlì kankan mọ́.

Ìjábọ̀ iṣẹ́ tí a ṣe lọ́jọ́ 28, oṣù Kìíní, ló padà sọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Ajé. Máàkì 11 nínú 20 ni mo gbà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò wá du ohun tí kì í ṣe tèmi. Máàkì kan tí wọ́n yọ nínú tábìlì tọ́ sí mi, torí mo kọ 36 síbi tó yẹ kí n kọ 36.0. Èyí tí wọ́n yọ lórí gíráàfù náà tọ́: pẹ́ńsù mi ti kúnu, ìlà mi sì nípọn bí okùn. Ní ti ìṣọ́ra àti ìparí, gbólóhùn kan péré ni mo kọ síbẹ̀. 3 nínú 5 tí wọ́n fún mi, àánú ni. Ibi ìṣirò g nìkan ni mo ní kí ẹ bá mi wò, níbi tí wọ́n ti fún mi ní òdo nínú 5.

Ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n pín fún wa sọ pé kí a ya gíráàfù L àti T², kò sọ èyí tó máa wà lórí ìlà ìnàró. Èmi fi L sórí ìlà ìnàró, mo fi T² sórí ìlà ìbú. Ẹni tó máàkì rẹ̀ kò fi bírò pupa kan ìlà kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi ìṣirò, ó fa igi lé iṣẹ́ mi, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé:

```
g = 4π²/s
```

Òótọ́ ni fọ́múlà yìí, bí T² bá wà lórí ìlà ìnàró. Nínú gíráàfù tèmi, ó ti yí padà, torí láti inú T = 2π√(L/g), L = (g/4π²)T² ni. Sílóòpù mi ni g/4π², mo sì ní láti fi 4π² sọ ọ́ di púpọ̀, kì í ṣe kí n fi sílóòpù pín in. Ibi méjì tí mo mú lórí ìlà náà nìyí: nígbà tí L jẹ́ 0.50 m, ìlọ-bọ̀ 20 gba ìṣẹ́jú àáyá 28.4, T² sì jẹ́ 2.016, nígbà tí L jẹ́ 0.90 m, ó gba 38.1, T² sì jẹ́ 3.629.

```
s = (0.90 - 0.50)/(3.629 - 2.016) = 0.248
g = 4π² × 0.248 = 9.79 m/s²
```

Bí a bá tẹ̀lé ohun tí bírò pupa kọ, 159 ni g máa jẹ́. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ padà sẹ́yìn, sà: pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù 0.50 m yẹn ì bá parí ìlọ-bọ̀ 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá méje. A ò tíì ní kà á dé mẹ́wàá tí yóò ti parí! Èmi àti ẹnìkejì mi ni a di aago mú, ó sì gbà wá ní 28.4.

Bó bá jẹ́ pé òfin ẹ̀ka ni pé T² gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà ìnàró, mo gbà kí ẹ yọ máàkì kan sí i lórí gíráàfù. Kí ìṣirò tó bá gíráàfù náà mu má kàn gba òdo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Mo fi ojúlówó ìjábọ̀ náà sínú fáìlì tó bá lẹ́tà yìí wá, bó ṣe padà sọ́wọ́ mi gan-an. Mi ò fi bírò tàbí ìrésà kàn án. Àwọn tó ń tọ́jú láàbù ló ní kí n kọ̀wé sí yín kí wọ́n tó lẹ èsì mọ́ ara ògiri lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ẹ bá fẹ́ bi mí ní ìbéèrè, mi ò ní kíláàsì lọ́la láti aago méjì ọ̀sán. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yín ni máa jókòó sí. Bí ẹ bá sì yẹ̀ ẹ́ wò tí ẹ rí i pé èmi ni mo ṣì í, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ibi tí mo ti ṣì í hàn mí, torí a ó tún lo irú gíráàfù yìí nínú iṣẹ́ sípíríǹgì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ ṣeun púpọ̀, sà.

Ọmọ yín ní láàbù,
Sàkíù