Ení, Èjì, Ẹ̀ta

Ìyá Ṣèyí kì í kọ ọjà sílẹ̀. Ní ìsọ̀ rẹ̀, ní ìlà àwọn ẹlẹ́lùbọ́ ní ọjà Bódìjà, n'Íbàdàn, àpò tí wọ́n bá sọ̀ níwájú rẹ̀, kóńgò 40 ni yóò bá a wọn, kò ní dín, kò ní lé. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń bu ni ẹnu rẹ̀ ń lọ: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Aláàárù lè máa pariwo "àgò o", ọmọ ọlọ́mọ lè máa sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ, kò ní ṣì í kà.

Ọwọ́ yẹn mọ ọjà. Tó bá fẹ́ ra èlùbọ́, á ki apá bọ àpò títí dé ìgúnpá, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fi èyí tí kò dára sí. Á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, á là á. Èyí tó gbẹ á fọ́nká lójú ẹsẹ̀. Èyí tí omi ṣì wà lára rẹ̀ á dì, ipa ìka á sì hàn níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò fi ìwọ̀nba díẹ̀ sórí ahọ́n. Tó bá ti ń kan lẹ́nu, tàbí tó rí i pé wọ́n ti po láfún mọ́ ọn, á dá a padà fún olówó rẹ̀ láìjà.

Ìgbà ọyẹ́ tó parí ọdún 2016 ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Iṣu gbígbẹ tí wọ́n kó wá láti Ṣakí ni ó ń lọ̀ nílé ẹ̀rọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń jọ̀ ọ́ nínú asẹ́. Ìyẹ̀fun á bo irun ojú rẹ̀, á bo ihò imú. Lọ́sàn-án, ikọ́ náà kò ju kí ó máa ha ọ̀nà ọ̀fun lọ. Alẹ́ ni ó ń le. Bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wú u títí ìhà á fi máa dùn ún, Ṣèyí tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá á sì dìde jókòó.

Oníkẹ́míìsì tó wà lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò kò béèrè ìwé dókítà. Ó gbé ìgò olómi kan fún un, mílílítà 100, ₦600. "Màmá, ìdérí kan lálẹ́, mílílítà 10. Ẹ ó sùn."

Ó sùn lóòótọ́. Kodíìnì inú oògùn náà kì í gbá ìyẹ̀fun kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọpọlọ ló ń lọ bá, ibẹ̀ ni àṣẹ pé kí èèyàn wúkọ́ ti ń wá, ó sì ń pa á lẹ́nu mọ́. Ìyẹ̀fun wà níbi tó wà, ikọ́ nìkan ló dákẹ́. Ṣùgbọ́n fún obìnrin tó ti ń jí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ta ni yóò sọ fún un pé ìyẹn kì í ṣe ìwòsàn? Ooru kan máa ń gba àyà rẹ̀ lọ sí apá. Owó àjọ, owó ilé ìwé Ṣèyí, ọkọ̀ tó já ẹrù sí ojú títì, gbogbo rẹ̀ á jìnnà sí i.

Ọyẹ́ lọ, òjò dé, ikọ́ lọ. Oògùn kò lọ.

Ìdérí kan kò mú un sùn mọ́ ní oṣù kẹrin, nítorí ara ti mọ̀ ọ́n. Ó di méjì. Nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an, kò wọ̀n ọ́n mọ́, ó ń gbé ìgò náà sẹ́nu ni. Nígbà tí ọdún 2017 fi ń parí, ìgò kan kì í kọjá alẹ́ méjì.

Kò sí ẹni tó rí ìyípadà náà lójú kan. Ó kọ́kọ́ dé bí oorun òwúrọ̀. Obìnrin tó ti máa ń ṣí ìsọ̀ kí ó tó di aago méje bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní aago mẹ́sàn-án, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ara ń yún un. Ó lè ṣe ọjọ́ mẹ́rin kó má yàgbẹ́. Ó rò pé àmàlà ló fà á, ó wá ń mu àgbo. Oúnjẹ kò wù ú. Ẹnu tó fi ń tọ́ èlùbọ́ wò náà kò já nǹkan kan mọ́. Ó ra àpò mẹ́ta lọ́wọ́ ọkùnrin kan láìki apá bọ̀ ọ́, ó kàn fi ọwọ́ pa òkè rẹ̀. Oníbàárà dá èlùbọ́ náà padà pé àmàlà rẹ̀ ń funfun, ó sì ń yọ̀. Láfún ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ti pákó ló burú jù. Gbogbo ẹlẹ́lùbọ́ ló mọ̀ pé a kì í gbé àpò lé sìmẹ́ǹtì lásán, nítorí sìmẹ́ǹtì á fa omi ilẹ̀ sókè. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n gbá ìsọ̀, ó ní kí wọ́n yọ pákó, kò sì rántí pé kí wọ́n dá a padà. Àpò méjì jókòó sórí ilẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n gbé e, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dì bí òkúta, ó hu àwọ̀ ewé, òórùn rẹ̀ ta sí imú gbogbo ẹni tó wà ní ìlà. Wọ́n dà á nù. ₦48,000 ni ọjà yẹn bí wọ́n bá tà á ní ₦600 kóńgò kan.

Ó jókòó, ó ń wò ó bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sórí ààtàn. Kò bínú. Ìyá Ràṣídà tó wà nísọ̀ kejì sọ fún àwọn ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀ pé àìbínú yẹn ló ba òun lẹ́rù.

Láti ìgbà náà ni kíkà bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Alájà tó ń ṣe oúnjẹ tà ní Sángo máa ń gba kóńgò 10 ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyá Ṣèyí á bẹ̀rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, á dákẹ́, ojú rẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀, kóńgò á wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú èlùbọ́ nínú. Á tún ní ẹ̀ta. Alájà mú kóńgò méjìlá lọ sílé lọ́jọ́ kan, ó dá méjì padà lọ́jọ́ kejì.

"Ìyá Ṣèyí, ṣé ara yín le?"

"Ó le, Alájà. Oorun lásán ni."

Alájà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kà á.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó oògùn ikọ́ olómi tó ní kodíìnì wọlé àti ṣíṣe é nílé. Rédíò ni Ìyá Ṣèyí ti gbọ́ ọ, kò sì rò pé ọ̀rọ̀ òun ni. Àwọn ọmọ tó ń mu ún pẹ̀lú mínírà ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe òun tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu.

Ní ọjọ́ kẹta tí kò rí i rà, ó ń yán láìdákẹ́, omi ń dà lójú àti nímú rẹ̀, ara rẹ̀ sú bí ti adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu, òógùn bò ó nínú òtútù. Inú tí kì í yà tẹ́lẹ̀ wá ń ṣí gbuuru. Egungun ẹsẹ̀ ń ro ó, kò lè fi í síbì kan sùn. Ó ní ibà ni, ó lo oògùn ibà. Ibà kò lọ, nítorí kì í ṣe ibà. Ara tó ti gbà kodíìnì mọ́ra ló ń béèrè rẹ̀.

Oníkẹ́míìsì rí ọ̀kan fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìgò tí kò ní ìwé lára, ₦3,000, ó fi ìwé ìròyìn wé e. Ó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan. Nítorí pé ó rò pé wọ́n ti bomi là á, ó fi Píríton méjì tẹ̀ lé e kí oorun lè tètè dé. Oògùn méjèèjì ń kun èèyàn lóorun, méjèèjì sì lè fa èémí sẹ́yìn tí wọ́n bá pàdé.

Ìdákẹ́ ló jí Ṣèyí. Ìyá rẹ̀ kò hanrun bó ṣe máa ń ṣe. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ètè ìyá rẹ̀ ti ń dúdú, àyà rẹ̀ gbé sókè lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró. Ọmọ náà wo aago, ó ń kà: ení. Ó dúró pẹ́. Èjì. Ìṣẹ́jú kan pé, mẹ́fà péré ló kà.

Ó gbọ̀n ọ́n, ó pe orúkọ rẹ̀, "Mọ̀míì! Mọ̀míì, ẹ jí!" Ó fi oríkèé ìka ọwọ́ ha àárín àyà rẹ̀ gidigidi títí ó fi kérora. Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí èébì má baà fún un lọ́fun, ó sì ké sí Bàbá Lánlọ́ọ̀dù. Máíkírà ni wọ́n fi gbé e. Ṣèyí kó ìgò náà dání, ó kó páálí Píríton náà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì mọ ohun tí wọ́n ń bá jà kí wọ́n tó bi í léèrè. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n ń ka èémí rẹ̀ di ojúmọ́.

Nígbà tí ó lajú, dókítà kò bá a wí. Ó bi í léèrè iye ìgò, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó bi í léèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ní oògùn náà ti di bárakú fún ara, pé kì í ṣe ìwà burúkú, àti pé kò gbọdọ̀ tún dá gé e nílé. Wọ́n dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ń dín in díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú ìgbẹ́ gbuuru àti ẹsẹ̀ ríro náà. Wọ́n kìlọ̀ fún un nípa ohun kan tí Ṣèyí ní kí wọ́n tún sọ: bí ó bá ti fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìwọ̀n tó ń mu tẹ́lẹ̀ lè pa á, nítorí ara kò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Ó padà sọ́jà ní oṣù keje. Ó fún ọmọkùnrin kan lówó kó máa bá a jọ̀ èlùbọ́, òun àtọmọ náà ń dè aṣọ mọ́ imú, wọ́n ń dúró sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Alẹ́ kò rọrùn. Ó ń jí ní aago méjì, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà títí wọ́n á fi pe ìrun.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Alájà dé. Ó ti nawọ́ láti gba kóńgò bó ti ń ṣe látẹ̀yìnwá. Ìyá Ṣèyí kò gbé e sílẹ̀. Ó ki apá bọ àpò dé ìgúnpá, ó bù ú jáde, ó fún un, ó là ọwọ́. Ó fọ́nká.

"Ení," ó ní. "Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà. Èje."

Ikọ́ dé. Ó gbé kóńgò sílẹ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wú u, ó tún wú u, ó fi etí aṣọ nu ẹnu. Alájà ń wò ó. Ṣèyí ń wò ó.

Ó gbé kóńgò.

"Ẹ̀jọ."