Ìwé fún Ìgbìmọ̀: Àṣẹ láti Ra Sólà fún Ẹ̀rọ Omi Ibùdó Gaàrí

Sí: Alága àti ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, Ògbómọ̀ṣọ́
Láti ọwọ́: Akọ̀wé

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́
Jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi bohóò wa ń mu lítà epo 8 lójúmọ́. Ó kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù tó kọjá. Lẹ́ẹ̀kẹta, kẹ́ẹ̀gì omi ni àwọn ìyá wa ń rà láti fi fọ ẹ̀gẹ́. Èyí tí wọn ò rí fọ̀ kan mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọ̀nà tó wà
Ká tún un ṣe: ₦180,000. Mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ ò fọwọ́ sọ̀yà.
Ká ra tuntun: ₦650,000, epo ṣì wà níbẹ̀.
Ká ra sólà: ₦1,900,000. Tí òjò bá ṣú, omi á dínkù, nítorí náà a ó pọn táǹkì kún lọ́sàn-án.

Àbá
Sólà ni mo fara mọ́. Owó rẹ̀ wúwo lóòótọ́, àmọ́ owó epo ti ń jẹ èrè wa.

Ọ̀rọ̀ ìpinnu
“Ìgbìmọ̀ pinnu pé kí a ra sólà fún ẹ̀rọ omi ibùdó gaàrí, kí owó rẹ̀ má ju ₦1,900,000 lọ, láti inú àpò ìdàgbàsókè, kí Alága àti Akápò jọ fọwọ́ sí ìwé owó náà.”